Ẹ Gbé Fóònù Sílẹ̀ Ná, Ẹ Mú Pẹ́ńsù

Gbólóhùn kan wà tó ń ba ìpolówó ọjà jẹ́ láàárín àwa akẹ́kọ̀ọ́ ju fóònù tí kò dára lọ. Gbólóhùn náà ni "Ẹ jẹ́ ká débẹ̀ ná." Ẹ bi ẹni tó fẹ́ ya fídíò pé ṣọ́ọ̀tì mélòó ló fẹ́ yà, á ní ẹ jẹ́ ká débẹ̀ ná. Ẹ bi í pé ta ni yóò mú ìgò dání, ọwọ́ ọ̀tún ni àbí ọwọ́ òsì, á ní ẹ jẹ́ ká débẹ̀ ná. Nígbà tí gbogbo yín bá sì débẹ̀ tán, oòrùn á ti yí, áísì á ti yọ́, ẹni tó yẹ kó ṣeré á ní òun ní lẹ́kíṣọ̀ ní aago méjìlá, ẹ ó wá dúró yí tábìlì ká, ẹ ó máa wo ojú ara yín.

Àwa kò fara mọ́ ọn. Ohun tí à ń sọ ni pé ìpolówó kékeré, orí ìwé ni wọ́n ti ń ṣe é tán. Kámẹ́rà kàn ń lọ gba ohun tí ìwé ti pinnu ni. Ẹni tí kò bá ní ìwé, kò tíì ní ìpolówó. Fídíò ló ní, fídíò kì í sì í ṣe ìpolówó.

Ìwé méjì là ń sọ. Àkọ́kọ́ ni ìwé ṣọ́ọ̀tì. Ṣọ́ọ̀tì kan ni gbogbo ohun tí kámẹ́rà gbà láti ìgbà tí a tẹ̀ ẹ́ títí di ìgbà tí a dá a dúró. Ìwé ṣọ́ọ̀tì a máa to gbogbo wọn sílẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: nọ́ńbà rẹ̀, bí kámẹ́rà ṣe súnmọ́ nǹkan tó, ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ibi tó ti ń ṣẹlẹ̀, iye ìṣẹ́jú-àáyá tí yóò gbà, àti ẹrù tí a nílò. Èkejì ni sítórìbọ́ọ̀dù. Òun ni àwọn ṣọ́ọ̀tì kan náà, ṣùgbọ́n a yà wọ́n sínú àpótí tẹ̀lé ara wọn, kí ojú lè rí ohun tí ọ̀rọ̀ kò lè sọ. Ìwé ṣọ́ọ̀tì ń sọ ohun tí a ó ṣe. Sítórìbọ́ọ̀dù ń sọ bí yóò ṣe rí.

Ká má bàa máa sọ̀rọ̀ sáfẹ́fẹ́, ẹ jẹ́ ká mú ọjà kan tí kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n nínú ọgbà: zóbò. Ká ní ọ̀rẹ́ yín kan ń se zóbò láti ara òdòdó ìsápá pupa, ó ń rọ ọ́ sínú ìgò, ó ti tẹ lébẹ́ẹ̀lì, ó sì fẹ́ ìpolówó ìṣẹ́jú-àáyá 30 tí àwọn ènìyàn yóò máa wò lórí fóònù. Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́ kí ìpolówó náà sọ: zóbò mi tutù, ó sì wà nítòsí yín.

Ìṣẹ́jú-àáyá 30 kéré ju bí ẹ ṣe rò lọ. Bí ọkùnrin kan bá rìn láti ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn lẹ́kíṣọ̀ dé ìdí tábìlì, tí ó jókòó, tí ó kí ẹni tó ń tajà, ìdajì àkókò náà ti lọ, ẹnikẹ́ni kò sì tíì rí zóbò. Nítorí náà, ohun tí a kọ́kọ́ ń ṣe kì í ṣe àwòrán, ìṣirò ni. Ẹ wo bí ìwé ṣọ́ọ̀tì zóbò náà ṣe lè rí ní àkọ́kọ́kọ rẹ̀:

1. Láti òkèèrè. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan jáde láti inú gbọ̀ngàn bọ́ sínú oòrùn, ó ń rìn láti òsì lọ sí ọ̀tún. Ìṣẹ́jú-àáyá 3.
2. Ojú rẹ̀ nítòsí. Òógùn wà níwájú orí rẹ̀, ó rí nǹkan ní ọ̀tún. 2.
3. Ọwọ́ rẹ̀ ṣí kúlà. Áísì àti ìgò mẹ́rin wà nínú rẹ̀. 3.
4. Ìgò nìkan, nítòsí gan-an. Omi tutù kan ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ lébẹ́ẹ̀lì. 3.
5. Ọwọ́ yí ìdérí ìgò. 2.
6. Zóbò ń dà sínú ife tó ní áísì. 4.
7. Ó ń mu ún, a rí i láti ẹ̀gbẹ́. 3.
8. Ojú rẹ̀ nítòsí. Ó mí kanlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. 3.
9. Ìgò àti ife lórí tábìlì, pẹ̀lú orúkọ, iye owó àti nọ́ńbà fóònù. 7.

Ẹ ṣe àròpọ̀ rẹ̀: 30 géérégé. Ṣọ́ọ̀tì tó gbẹ̀yìn gba 7 nítorí pé ènìyàn ní láti ráyè ka nọ́ńbà fóònù tán. Ẹni tó bá ń sọ pé òun yóò fi nọ́ńbà náà síbì kan nígbà tí òun bá ń gé fídíò pọ̀, ẹ bi í pé nínú ìṣẹ́jú-àáyá wo.

Ibi tí àwọn ẹlẹ́nu "ká débẹ̀ ná" ti máa ń ṣubú nìyí. Wọ́n rò pé bí ìtàn ṣe tò lórí ìwé ni wọn yóò ṣe yà á. Rárá o. Bí ìtàn ṣe ń lọ yàtọ̀ sí bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Ẹ tún wo ìwé náà. Ṣọ́ọ̀tì 1, 2, 7 àti 8 nílò akẹ́kọ̀ọ́bìnrin náà, wọ́n sì nílò ìta. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni a ó yà pọ̀ láàárọ̀, kí oòrùn tó gun òkè orí, torí pé oòrùn ọ̀sán gangan a máa sọ ihò ojú di dúdú, kò sì sí ẹwà níbẹ̀. Tí a bá ti gba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà tán, ẹni náà lè máa lọ sí lẹ́kíṣọ̀ rẹ̀. Àwọn tó kù, ọjà àti ọwọ́ nìkan ni, a sì lè yà wọ́n nínú yàrá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ká ní òjò ṣú ní aago mẹ́sàn-án, a ti mọ ìdajì iṣẹ́ tí a lè bẹ̀rẹ̀ nínú ilé láì fi ọjọ́ náà ṣòfò. Ẹni tí kò ní ìwé yóò kàn dúró lábẹ́ òrùlé, yóò máa bú òjò.

Nínú yàrá náà pàápàá, ètò wà. Zóbò pọ́n dúdú. Bí iná bá ti iwájú wá, inú kámẹ́rà ni yóò ti dà bí èédú olómi. Ẹ̀yìn ni iná gbọ́dọ̀ ti wá, kí pupa rẹ̀ lè tàn. Fún ìdí èyí, a ó gbé ìgò sí iwájú fèrèsé, a ó sì gé páálí funfun kékeré tí ìgò bò mọ́lẹ̀, a ó fi í sẹ́yìn rẹ̀ kó máa ju ìmọ́lẹ̀ gba inú zóbò náà kọjá. Ohun tí a gbọ́dọ̀ kọ sí iwájú ṣọ́ọ̀tì 4, 6 àti 9 nìyí, nítorí pé ètò iná kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò lò. Tí a bá yà wọ́n ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, pupa mẹ́ta ni zóbò kan ṣoṣo yóò ní.

Omi tó ń ṣàn lára ìgò náà kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí ìgò bá jáde láti inú firíìjì, omi á kọ́kọ́ bò ó, lẹ́yìn náà á dà wálẹ̀, á sì rẹ lébẹ́ẹ̀lì. Ohun tí àwọn tó ń ya ọtí àti ohun mímu máa ń ṣe ni pé wọ́n á po gilisẹríìnì mọ́ omi ní ìwọ̀n kan náà, wọ́n á fi náílọ́ọ̀nù bo lébẹ́ẹ̀lì, wọ́n á wá fọ́n àpòpọ̀ náà sára ìgò pẹ̀lú ike tí wọ́n fi ń fọ́n omi sírun. Ẹ̀kán omi yẹn á dúró pẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò rántí ra gilisẹríìnì tí kò bá sí lórí ìwé lánàá? Ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, kò sí ẹni tó máa sáré wá a.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ owó, torí pé owó ẹni tó ni zóbò ni à ń fi ṣeré. Ìgò mélòó ni kó gbé wá? Ẹni tí kò ní ìwé yóò ní "gbé bíi márùn-ún wá." Ìwé ṣọ́ọ̀tì dáhùn báyìí: ìgò méjì tí lébẹ́ẹ̀lì wọn tọ́ gan-an fún ṣọ́ọ̀tì 4 àti 9, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn títí a ó fi yà á, ọ̀kan fún iṣẹ́, ọ̀kan fún ìdúró-dè. Mẹ́rin fún inú kúlà. Mẹ́ta fún ṣọ́ọ̀tì 5, nítorí pé ìdérí tí a bá ti já, a kò lè tún un já, ìgbà mẹ́ta péré ni a sì fẹ́ gbìyànjú rẹ̀. Mẹ́ta fún ìdàsífe ní ṣọ́ọ̀tì 6. Àpapọ̀ jẹ́ 12. Ẹni tó gbé márùn-ún wá, lẹ́yìn tí wọ́n bá já ìdérí mẹ́ta tí wọ́n sì da méjì nù, kò ní ní ìgò tó ní lébẹ́ẹ̀lì tó tọ́ fún àwòrán ìparí, ìyẹn àwòrán tí gbogbo ìpolówó náà tìtorí rẹ̀ wà. Ìdí náà nìyí tí ṣọ́ọ̀tì 6 fi gbọ́dọ̀ gbẹ̀yìn nínú iṣẹ́: zóbò a máa ta sí tábìlì àti aṣọ, àbàwọ́n rẹ̀ kì í sì í tètè lọ.

Ẹ wá ka àkókò. Bí gbígbé kámẹ́rà, títún iná ṣe, àti yíyà á lẹ́ẹ̀mẹta bá gba ìṣẹ́jú 20 fún ṣọ́ọ̀tì kan, ṣọ́ọ̀tì mẹ́sàn-án yóò gba wákàtí mẹ́ta. Ẹni tó bá sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé "ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré ni a fẹ́ lò" kò parọ́ o, kò kàn ṣírò ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ náà yóò lọ nígbà tí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú bá pé, ẹ ó wá máa pè é ní aláìláàánú.

Èyí tó kàn ni sítórìbọ́ọ̀dù, èyí tí ọ̀pọ̀ ń sá fún nítorí wọ́n ní àwọn kò mọ àwòrán yà. Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Òǹtẹ̀ roboto ni orí, ìlà ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀, igun mẹ́rin gbọọrọ ni ìgò, ọfà kékeré ni yóò sọ ibi tí ènìyàn tàbí kámẹ́rà ń lọ. Ẹ mú ìwé A4 kan àti rúlà. Nítorí pé òró ni wọ́n ń gbé fóònù dání wo ìpolówó yìí, ẹ ya àpótí tí ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 4.5, tí òró rẹ̀ sì jẹ́ 8. Mẹ́ta yóò wọ ìbú ìwé náà, mẹ́ta yóò wọ òró rẹ̀, mẹ́sàn-án pé, àyè yóò sì ṣẹ́kù lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan láti kọ gbólóhùn kan. Ìwọ̀n àpótí náà kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Bí ẹ bá yà á sínú àpótí tó tẹ́ lọ bíi ti tẹlifíṣọ̀n, ẹ ó ya àwọn nǹkan mẹ́ta tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kámẹ́rà tó wà lóròó kò sì ní rí ju ọ̀kan lọ nínú wọn.

Ẹ wo ohun tí àpótí mẹ́sàn-án yìí ń tú fó tí ìwé ṣọ́ọ̀tì kò lè tú fó. Nínú àpótí 1, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin náà ń rìn lọ sí ọ̀tún. Bí ẹ bá yà á nínú àpótí 2 kí ó máa wo òsì, ojú òǹwòran yóò kà á sí pé ó ti ń padà sínú gbọ̀ngàn. Pẹ́ńsù yóò fi hàn yín lójú ẹsẹ̀. Nínú àpótí 3, ọwọ́ tó ṣí kúlà ní ẹ̀gbà. Ọwọ́ ta ni yóò wà nínú àpótí 5 àti 6, nígbà tí ẹni náà ti lọ sí lẹ́kíṣọ̀? Ẹlòmíràn lè ya ọwọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀gbà náà gbọ́dọ̀ dúró de iṣẹ́, àwọ̀ èékánná sì gbọ́dọ̀ bára mu. Àpótí 4, 5 àti 6 ńkọ́? Gbogbo wọn ló súnmọ́ ìgò bákan náà. Bí a bá gé wọn pọ̀, wọn yóò dà bí fídíò tó ń fò. Ó yẹ kí ṣọ́ọ̀tì 5 fà sẹ́yìn díẹ̀, kí a rí ìgò, ọwọ́ àti àyà aṣọ. Nínú àpótí 9, nọ́ńbà fóònù wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí àwọn bọ́tìnnì àti ọ̀rọ̀ tó ń hàn lójú fóònù yóò ti bò ó. Ẹ gbé e sókè.

Ọ̀nà kan tún wà láti fi dán ìwé náà wò, kò sì ju wákàtí kan lọ. Ẹ fi fóònù ya àwòrán àpótí kọ̀ọ̀kan, ẹ kó mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sínú ohun tí ẹ fi ń gé fídíò, ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní iye ìṣẹ́jú-àáyá rẹ̀, kí ẹnì kan sì ka ọ̀rọ̀ ìpolówó náà sókè lé e lórí. Ẹ wá pe ẹni tó ni zóbò, kí ó wò ó. Ohun tó máa kọ́kọ́ bi yín ni pé: "Ìgò mi dà?" Òótọ́ ló sọ. Ẹ ka ṣọ́ọ̀tì 1, 2 àti 3: ìṣẹ́jú-àáyá 8 ti lọ kí lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ tó fojú hàn dáadáa. Lórí fóònù, àtàǹpàkò òǹwòran ti fa ojú ìwé lọ sókè. Nítorí náà, ṣọ́ọ̀tì 4 gbọ́dọ̀ wá di àkọ́kọ́: ìgò tutù, omi tó ń ṣàn, orúkọ. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn á wá ṣí sínú oòrùn. Ìpolówó náà yí padà pátápátá, ohun tó sì ná yín kò ju kí ẹ pa nọ́ńbà rẹ́ kí ẹ tún un kọ. Ká ní ẹ ti yà á tán ni ẹ tó mọ̀ ńkọ́? Bóyá ṣọ́ọ̀tì náà gan-an kò sí, torí pé kò sí ẹni tó rò ó.

A mọ èsì tó ń bọ̀. Wọ́n á ní ìwé ń pa ẹ̀mí iṣẹ́, pé ohun tó dára jù máa ń ṣẹlẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀. A gbà pé ó máa ń ṣẹlẹ̀. Bí ẹ bá dé ibẹ̀ tí ẹ rí ọmọ kékeré kan tó ń la ètè lẹ́yìn tó mu zóbò tán, tí ìyá rẹ̀ sì gbà, ẹ yà á kíákíá. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti sàmì sí ṣọ́ọ̀tì márùn-ún tí kò gbọ́dọ̀ máà sí, tó ti gbà wọ́n tán, tó sì mọ̀ pé wákàtí kan ṣẹ́kù, ni ọkàn rẹ̀ balẹ̀ láti ya ọmọ náà. Ẹni tí kò ní ìwé kò mọ̀ bóyá òun ti parí, ìbẹ̀rù kì í sì í jẹ́ kí ojú rí nǹkan.

Wọ́n á tún ní àwọn ńlá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni. Ilé iṣẹ́ Walt Disney ní Amẹ́ríkà ló sọ ọ́ di àṣà láàárín ọdún 1930 sí 1939 láti máa kan àwòrán àfọwọ́yà mọ́ pátákó tẹ̀lé ara wọn kí wọ́n tó ya fíìmù wọn, nítorí pé owó tí wọ́n ń ná lórí fíìmù aláwòrán kò fàyè gba pé kí wọ́n yà á tán kí wọ́n tó mọ̀ pé ìtàn kò dán mọ́rán. Àwọn tó lówó ń ṣe é nítorí wọn kò fẹ́ fi owó ṣòfò. Àwa tí kò lówó wá ń sọ pé a kò nílò rẹ̀.

Òótọ́ ni pé ìwé kò lè ṣe ohun gbogbo. Kò lè dá òjò dúró, kò lè mú kí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò dákẹ́ nígbà tí ẹ bá ń gba ohùn sílẹ̀, kò sì lè sọ bí ènìyàn ọjà yóò ṣe ṣe nígbà tí wọ́n bá rí kámẹ́rà. Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan tó ń ba ìpolówó wa jẹ́ kì í ṣe wọ̀nyí. Ìgò tí kò tó ni, lébẹ́ẹ̀lì tó kọ ẹ̀yìn sí kámẹ́rà ni, ọwọ́ tó yí padà ni, àti nọ́ńbà fóònù tí kò sẹ́ni tó ráyè kà. Gbogbo wọn ni pẹ́ńsù lè rí ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.

Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Nítorí náà, ẹ̀yin tó ní ọjà, ẹ má san kọ́bọ̀ kankan kí ẹ tó rí àpótí mẹ́sàn-án. Ẹ̀yin tí wọ́n ń pè wá ṣeré, ẹ béèrè ṣọ́ọ̀tì tó jẹ́ tiyín àti aago tí ẹ ó parí. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń gbé kámẹ́rà, bí wọ́n bá tún sọ fún yín pé "Ẹ jẹ́ ká débẹ̀ ná," kí ẹ dá wọn lóhùn pé a kò ní débẹ̀ títí ìwé yóò fi jáde.